Kí Ló Dé Tí Màmá Kò Fi Lè Pa Oògùn Náà Tì Lójijì?

Àbúrò mi,

Nígbà tí o pè mí láti Ìkòròdú lálẹ́ àná, ìbéèrè rẹ mọ́gbọ́n dání. O ní bí prẹdinisolóònù kò bá dára fún Màmá láti máa lò pẹ́, kí ló dé tí n kò ní kí wọ́n jù ú nù lónìí? Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí o lè kà á fún wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo kọ oògùn náà fún, nígbà tí ásímà gbé wọn dè. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, ọjọ́ kẹfà ni à bá ti pa á tì láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ara tù wọ́n, oúnjẹ ń wọlé, orúnkún tó ń dùn wọ́n náà dákẹ́. Ni wọ́n bá mú páálí oògùn lọ bá kẹ́mísìtì kan, ó ń tà, wọ́n ń rà. Ó pé ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí wọ́n ti ń gbé horo mẹ́rin mì láràárọ̀. Horo kan jẹ́ miligíráàmù 5. 20 nìyẹn lójúmọ́.

Ẹran kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa bíi fìlà. Àwọn ló ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ara dúró, pàápàá nígbà tí àìsàn bá dé. Ohun tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju agbára horo kan lọ. Bí ẹnìkan bá ń gbé ẹja ọ̀fẹ́ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ lójoojúmọ́, ṣé o tún máa jí lọ sí ọjà Olúwo? Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ Màmá kò ṣe ránṣẹ́ sí ẹran méjèèjì yìí mọ́, tí wọ́n sì sùn lọ. Bí a bá dá oògùn dúró lójijì, kò ní sí ti ọ̀fẹ́, kò sì ní sí ti ara.

Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, horo mẹ́ta láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì fún ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lò ó. Kí wọ́n má sún un di alẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ínhélà kò sí nínú ìdínkù yìí o. Kí wọ́n máa fà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Horo 49 ni mo kó sínú ike. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ka ohun tó kù: 28 ní ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, 14 ní ìparí èkejì, 7 ní ìparí ẹ̀kẹta. Bí ó bá kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti fo ọjọ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lò ó fún orúnkún.

Horo méje tó kù kì í ṣe èèṣì. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni wọn yóò máa lò títí a ó fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bóyá ẹran náà ti jí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń gba ẹ̀jẹ̀ yìí, kí wọ́n tó lo oògùn ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ gba Ìtòikín kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò bá aago mẹ́jọ, nítorí náà, kí wọ́n sun ilé rẹ mọ́jú.

Ara ríro àti àárẹ̀ díẹ̀ lè wá lẹ́yìn ìdínkù kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń lọ. Bí èémí bá ń sé wọn, ásímà ló ń padà bọ̀, pè mí kíákíá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí òòyì máa kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde, kí inú máa run wọ́n, kí wọ́n máa bì, kí oorun àìjí sì máa gbé wọn lọ. Ọsibítù ni ìyẹn, lóru tàbí lọ́sàn-án. Sọ fún wọn níbẹ̀ pé: “Màmá lo prẹdinisolóònù fún ọ̀sẹ̀ méje, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dín in kù ni.” Gbólóhùn yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n tètè fún wọn ní abẹ́rẹ́ haidirokọ́tísóònù.

Ibà náà ńkọ́? Bí ara wọn bá gbóná nígbà tí wọ́n wà lórí ẹyọ kan, fún wọn ní ẹyọ mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì pè mí. Bí wọ́n bá bì í jáde láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tún un fún wọn. Bí wọ́n bá tún bì í, ẹ máa lọ sí ọsibítù.

Títí ọdún kan lẹ́yìn tí a bá parí, kí dókítà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn gbọ́ nípa oògùn yìí. Ní ti orúnkún, mú wọn wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kìíní, kí o sọ iye horo tó kù fún mi.