Ìpolówó Ọjà Kò Gbọdọ̀ Já Lu Ẹkún Olùgbọ́

Kí olùkà fojú inú wo ètò pọ́díkáàsì kan. Obìnrin kan ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kú ní ilé ìwòsàn. Ó ti dé ibi tí dókítà ti ṣílẹ̀kùn, tí ó sì bọ́ ìbòmú rẹ̀. Ohùn obìnrin náà ń gbọ̀n. Olùgbọ́ tó jókòó sínú dáńfó, tó fi íápíìsì sétí, ti gbàgbé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Lójijì, ìlù bẹ́, orin ayọ̀ gbalẹ̀, ọkùnrin kan sì ń pariwo pé ọṣẹ tuntun ti dé ọjà.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọṣẹ. Owó onígbọ̀wọ́ ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń ra ẹ̀rọ, òun ni wọ́n sì fi ń san owó òṣìṣẹ́. Kò sì burú bí onígbọ̀wọ́ bá ní àárín ètò gan-an ni òun fẹ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ètò dé àárín ti fara balẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ ni ẹ̀bi wà, àti nínú gbólóhùn tó ṣáájú ìpolówó àti èyí tó tẹ̀lé e. Ohun tó yẹ kí a kọ sílẹ̀ kí a tó gbohùn sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ atọ́kùn fi í sílẹ̀ fún oríire.

Ká ní ogójì ìṣẹ́jú ni ètò náà, tí dókítà sì jáde ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún. Àwọn kan á ní ibẹ̀ ló yẹ kí a gé e, kí olùgbọ́ má baà lè lọ. Ọgbọ́n yìí lè bá ìtàn ọlọ́pàá àti olè mu. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé wọ́n ti fi àánú olùgbọ́ pa owó. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún, wọ́n ti sin ìyá, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń sọ bí agbada àkàrà ìyá rẹ̀ ṣe di tirẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ìbéèrè tuntun ni atọ́kùn yóò bi í tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Bí a ṣe lè dá a mọ̀ kò le: bí ètò ọjọ́ náà bá lè parí sórí gbólóhùn yẹn láìdà bí ọ̀rọ̀ tí a gé sí méjì, ìpolówó lè wọlé níbẹ̀.

Ìdánwò tó kàn ni ti afárá. Òǹkọ̀wé tó rò pé òun gbọ́n lè kọ ọ́ pé: “Bí ìyá ṣe ń tọ́jú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ yìí ń tọ́jú awọ ara.” Kò sí ohun tó burú ju èyí lọ, nítorí òkú ló fi ṣe afárá dé orí igbá ọjà. Gbólóhùn tó ṣe tààrà ló máa ń tu ọkàn lára: “A ó dánu dúró díẹ̀ níbí. Ìpolówó ọjà ló kàn, kò sì ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó padà sí ìdí agbada àkàrà.” Olùgbọ́ ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó mọ bí yóò ti pẹ́ tó, ó sì mọ ibi tí wọn yóò padà sí.

Kí atọ́kùn fi ohùn tó fi ń bá àlejò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ka ìpolówó náà, kí ó má ṣe yá ohùn ọlọ́jà. Bí onígbọ̀wọ́ bá fi kókó mẹ́fà ránṣẹ́, kí wọ́n jọ yan ọ̀kan tí wọn yóò ṣàlàyé dáadáa, bíi pé ọṣẹ náà kò ní lọ́fínńdà nínú. Ìlérí nípa ohun tí ọjà lè ṣe kò ṣeé bù kún lẹ́nu; bí wọ́n ti fọwọ́ sí i ni kí a kà á. Kí a kà á sókè, kí a sì fi aago wọ̀n ọ́n, nítorí ohun tó kúrú lójú ìwé lè gùn lẹ́nu. Kí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ṣáájú rẹ̀, kí òmíràn sì tẹ̀lé e. Bí a bá sì ń padà, kí a rán olùgbọ́ létí: “Nígbà tí a dúró, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbada ìyá rẹ̀ ni. Báwo ni àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dáná ṣe rí?”

Ọ̀rọ̀ yí padà bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ki ìpolówó bọ àárín ètò nígbà tí olùgbọ́ bá ṣí i. Atọ́kùn kàn ń fi àmì síbẹ̀ ni. Kò mọ ìpolówó tí yóò bọ́ sí i. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ dárúkọ ọjà kankan nínú gbólóhùn tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kì í rí ìpolówó kankan fi sí i, “A ń bọ̀ láìpẹ́” á sì fẹnu ko “A ti padà dé” bí ọ̀rọ̀ ẹni tó sọnù. Gbólóhùn tí yóò dùn gbọ́ yálà ìpolówó wá tàbí kò wá ni kí a kọ. Kí a sì wo agbára ohùn pẹ̀lú: bí a bá gbé ètò sí -16 LUFS, tí ìpolówó sì ga jù ú lọ, ọkàn á fò kí etí tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwọn kan gbà pé ìpolówó tó dára jù lọ ni èyí tí olùgbọ́ kò mọ̀ pé ìpolówó ni. Èrò yìí léwu. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Gimlet ní Amẹ́ríkà ń ṣe ètò StartUp, wọ́n sì fẹ́ kí ìpolówó máa dùn bí ìtàn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọmọdé kan lẹ́nu wò nípa ìkànnì tó ṣe, láti fi polówó ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣe ìkànnì. Ìyá ọmọ náà ti rò pé ètò rédíò olókìkí mìíràn, This American Life, ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà wà fún. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi apá kan ètò náà ṣàlàyé àṣìṣe wọn. Bẹ́ẹ̀ ètò yìí kan náà ní orin kan tó máa ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé ìpolówó ti dé. Ìpolówó lè dùn bí ìtàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ da ìbòjú bo ara rẹ̀.

Ètò mìíràn sì wà tí kò ní ilẹ̀kùn láàárín rárá. Kí ìpolówó irú rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ọkàn tó wọnú ọ̀rọ̀, tàbí kí a bá onígbọ̀wọ́ sọ ọ́ kí ó di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣiyè méjì lè wo àwòrán tí Spotify àti Apple Podcasts fi ń ṣàfihàn bí àwọn olùgbọ́ ṣe bá ètò lọ. Bí ìlà bá lọ sílẹ̀ nígbà ìpolówó, tó sì tún gòkè, ńṣe ni wọ́n fò ó. Bí ó bá lọ sílẹ̀ tí kò gòkè mọ́, wọ́n ti bínú lọ. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹni tó bá ń wá obì lọ́wọ́ olùgbọ́ kò gbọdọ̀ já ẹkún gbà mọ́ ọn lójú.