Kọ̀ǹpútà Lè Kà Á, Ṣùgbọ́n Àwa Ni A Ó Kọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ọwọ́ èmi gan-an sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ rántí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àmì ohùn tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní táàmù yìí, ẹ̀ẹ̀méjìlá, ní Ọjọ́rú àti Sátidé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ló ń gba ìwé-ẹ̀rí. Kódà ẹnì kan wà tó wá lẹ́ẹ̀mejì péré tó sì gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, olùkọ́ wa ní ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ó kéré tán ló máa gbà, kọ̀ǹpútà ni yóò sì yan orúkọ fúnra rẹ̀ tí yóò tẹ ìwé jáde. Mẹ́sàn-án nínú méjìlá jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà fi ń pinnu ẹni tó lè jókòó ṣe ìdánwò.

Mo fara mọ́ òfin yìí. Ìwé tí gbogbo èèyàn ń gbà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó gbà á. Ó sì dára kí kọ̀ǹpútà ṣe é, torí kò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọmọ bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ jáde, nínú àwa 34, àwọn 19 péré ló rí GBA. Àwọn 15 rí KÒ GBA. Àwọn kan sunkún. Èmi tí mo tẹ rẹ́jísítà sínú Excel sì mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́.

Mo padà lọ wo ìwé rẹ́jísítà. Ní ìpàdé keje, iná lọ, tọ́ọ̀ṣì ni a fi pe orúkọ. Orúkọ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́ mo fo òpó ọjọ́ yẹn. Ó ṣófo látòkè délẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò bi mí pé kí ló dé. Lójú tirẹ̀, àyè tó ṣófo àti ẹni tí kò wá, ọ̀kan náà ni. Ẹni márùn-ún tó wá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án gééré wá di ẹlẹ́ẹ̀mẹjọ.

Èkejì tún yà mí lẹ́nu jù. Ọmọkùnrin kan tí kò pa ọjọ́ kan jẹ ní 0. Ẹni tó bá mi tẹ orúkọ tirẹ̀ ti fi àlàfo kan sẹ́yìn gbogbo lẹ́tà W, W sì ni àmì tí a fi ń sọ pé ẹnì kan wá. Ojú wa kò lè rí àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Excel, W tó ní àlàfo lẹ́yìn kì í ṣe W mọ́. Nígbà tí a tún méjèèjì ṣe, àwọn tó gbà di 25.

Ó wá ku mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi tí ibùsùn rẹ̀ wà lókè tèmi. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ibà gbé e dè sí kílíníìkì ilé-ìwé, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù, ó kàn ń fọ aṣọ ni, mi ò ní purọ́ fún un. Lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀, kò gbà. Ẹ jẹ́ ká rò ó: ọjọ́ tí ó lè wá jẹ́ mẹ́wàá, kì í ṣe méjìlá. 75 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá jẹ́ méje àti ààbọ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹjọ. Lójú tèmi, ó yẹ kó gbà.

Ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ní lẹ́tà mẹ́ta: W fún ẹni tó wá, K fún ẹni tí kò wá, A fún ẹni tó gba ààyè pẹ̀lú ẹ̀rí. Kí A má ṣe ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó má sì pa á lára, kí a kàn yọ ọjọ́ náà kúrò nínú méjìlá rẹ̀. Awa tí a wà ní Lókójá mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń dá èèyàn dúró. Ní 2012 àti 2022, odò Ọya àti Bẹ́núé kún bo ilé àti títì. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, báwo ni àwọn tó ń ti ilé wá yóò ṣe dé?

Ẹnì kan bi mí pé, ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mẹta tó sì gba ààyè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án ńkọ́? Mẹ́ta nínú mẹ́ta pé pérépéré! Òótọ́ ni. Nítorí náà kí a fi ìlà kan sísàlẹ̀: ẹni tí kò bá wá tó ẹ̀ẹ̀mẹfà kò ní gbà, bó ti wù kí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára tó. Kò tíì rí ìdajì ẹ̀kọ́ náà. Kó dúró de táàmù tó ń bọ̀.

Bí mo ṣe kọ ọ́ rèé, láti òpó B dé M:

```
N2: =COUNTIF(B2:M2,"W")
O2: =COUNTIF(B2:M2,"A")
P2: =COUNTIF(B2:M2,"K")
Q2: =IF(N2+O2+P2<>12,"YẸ̀ Ẹ́ WÒ",IF(AND(N2>=6,N2>=0.75*(12-O2)),"GBA","KÒ GBA"))
```

YẸ̀ Ẹ́ WÒ ni mo fẹ́ràn jù. Bí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá pé méjìlá, ibì kan ṣófo tàbí àlàfo wà níbì kan, kọ̀ǹpútà kò sì ní dájọ́ títí èèyàn yóò fi lọ wo ìwé. Ká ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àṣìṣe mi ì bá ti hàn kí ẹnikẹ́ni tó sunkún. Lẹ́yìn náà, Word yóò mú kìkì àwọn tó ní GBA, yóò tẹ ìwé wọn jáde.

Ṣùgbọ́n kó tó tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ kí a lẹ orúkọ àti iye ìgbà tí kálukú wá mọ́ bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye tí a kọ fún un kò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn kan ní ẹni tí ibà dè mọ́lẹ̀ kò kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, kí ló dé tó fi máa gbà? Mo gbà pé kò kọ́ ọ. Ẹni tó sùn sí ìlà ẹ̀yìn náà kò kọ́ ọ, W ló sì ní. Ìwé yìí ń sọ pé a wá ni, kò sọ pé a mọ̀ ọ́n. Kí a kúkú kọ iye rẹ̀ sórí ìwé gan-an: ó wá lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó gba ààyè lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní sí irọ́ níbẹ̀.

Olùkọ́ wa kò tíì tẹ ìwé àwọn mẹ́sàn-án yẹn, wọn ò sì tíì sọ pé àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún òfin náà wò. Ní tèmi, èmi ni mo fo òpó keje. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn márùn-ún tí mo sọ di ẹlẹ́ẹ̀mẹjọ.