Ṣogúndogójì Ti Wọ Inú Fóònù Wa

"Ṣebí ìwọ náà lo tẹ̀ ẹ́?" Èsì tí òṣìṣẹ́ áàpù ayánilówó kan fún ọmọ kíláàsì wa nìyẹn, nígbà tó pè láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi àwòrán òun ránṣẹ́ káàkiri, tí wọ́n ń pe òun ní gbájúẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò la wà. Ẹgbẹ̀rún 20 náírà ni gbogbo gbèsè ọ̀hún. Lára àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni ìyá rẹ̀, pásítọ̀ wọn, àti olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá débi pé a jókòó ka àdéhùn náà láti òkè délẹ̀. Ó gùn, lẹ́tà rẹ̀ kéré, èdè lọ́yà ni wọ́n fi kọ ọ́. Èèyàn ò sì ní láti ṣí i rárá kó tó tẹ "I Agree". Ibi mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò, a sì ti rí irú wọn nínú àdéhùn àwọn ayánilówó mìíràn. Ẹ jẹ́ ká tú u fún yín.

Èkíní ni owó tí wọ́n máa ń yọ kó tó dé ọwọ́ ẹni. Ìpolówó sọ pé èlé 10 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn, "service fee" tún wà, ìyẹn 5 nínú 100, wọ́n á sì yọ méjèèjì ṣáájú. Ọ̀rẹ́ wa tọrọ 20,000 náírà, 17,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá 20,000 padà láàárín ọjọ́ 14. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Owó tó lò gan-an ni 17,000, kì í ṣe 20,000. 3,000 lórí 17,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 nínú 100, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bó bá ń yá irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì títí ọdún á fi yí po, ohun tó máa san lórí 17,000 yẹn á lé ní 75,000. Àwọn bàbá wa mọ orúkọ irú òwò yìí tipẹ́: ṣogúndogójì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ṣogúndogójì ayé àtijọ́ kì í pe ara rẹ̀ ní 10 nínú 100.

Owó ìtanràn tún wà nísàlẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá, 2 nínú 100 ni wọ́n ń fi kún gbèsè lójoojúmọ́, ìyẹn 400 náírà lórí 20,000. Ọjọ́ 10 ni ọ̀rẹ́ wa fi pẹ́, gbèsè sì di 24,000. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ẹ wá "fee", "deduct" àti "default" nínú àdéhùn náà, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀.

Èkejì ni lẹ́tà mẹ́ta kan: GSI. Orí ìlà kan péré ló wà, kò sì sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀. Ohun tí "Global Standing Instruction" túmọ̀ sí ni pé bó ò bá san gbèsè, ayánilówó tó wà lábẹ́ ètò náà lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tí wọ́n so mọ́ BVN rẹ, ní báńkì yòówù kó wà. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ló gbé ètò yìí kalẹ̀ lọ́dún 2020. Nítorí náà, ẹni tó rò pé òun ti fi owó iléèwé pa mọ́ sí báńkì mìíràn, kò pa á mọ́ síbì kan. Bí bàbá rẹ bá fi owó ilé ránṣẹ́ ní àárọ̀, ó lè ti lọ kó o tó jí.

Ṣùgbọ́n ohun tí àdéhùn náà kò sọ fún wa nìyí: lábẹ́ ìlànà báńkì àpapọ̀, ojú owó àti èlé nìkan ni wọ́n lè fi GSI gbà. Kò kan owó ìtanràn. Nínú 24,000 ọ̀rẹ́ wa, 4,000 ìtanràn yẹn kò sí lára ohun tí GSI gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lọ sí báńkì.

Ẹ̀kẹta ló ba orúkọ ọmọ èèyàn jẹ́. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé ẹni tó yá owó "gbà" kí wọ́n ka àwọn nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, kí wọ́n sì kàn sí àwọn tó ni wọ́n nítorí gbèsè. Ta ló béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ yẹn? Nọ́ńbà ìyá ẹni kì í ṣe ohun ìní ẹni tí a lè fi dógò. Àwọn òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́un le koko, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó wọn á fi jáde. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí.

Àwọn tó ń sọ pé "ìwọ lo tẹ̀ ẹ́" gbàgbé pé ìfọwọ́sí kì í sọ ohun tí òfin kọ̀ di ohun tó tọ́. Àjọ FCCPC ti kọ̀ ọ́ fún àwọn ayánilówó orí fóònù pé kí wọ́n má ṣe wo nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà. Láti May 2023 ni Google Play náà ti kà á léèwọ̀ fún áàpù owó yíyá láti fọwọ́ kan nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù. Ìdí rèé tí àwọn kan fi ń fi líǹkì ránṣẹ́ pé ká gba áàpù àwọn síta Google Play. Ẹ sá fún irú rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ lọ sí "Settings", ẹ wọ "Apps", kí ẹ gba àṣẹ "Contacts" padà. Ìyẹn ò ní pa èyí tí wọ́n ti dà kọ rẹ́, àmọ́ wọn ò ní rí tuntun. Ẹ ya àwòrán gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìhàlẹ̀, kí ẹ fi í sùn ní FCCPC.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san gbèsè. Ọ̀rẹ́ wa ti san tirẹ̀. Ẹ̀bi tiwa náà sì wà níbẹ̀, torí a máa ń tẹ "I Agree" bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ pàtàkì pamọ́ sí abẹ́ ojú ìwé mọ̀ pé a ò ní rí i. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta sókè bọ́tìnnì yẹn, ní lẹ́tà gàdàgbà, ní èdè tí a gbọ́. Èló ni yóò wọ ọwọ́ mi? Èló ni yóò jáde lọ́wọ́ mi, àti lọ́jọ́ wo? Àkáǹtì wo lẹ lè wọ̀ bí mo bá pẹ́? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń bá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, tàbí tẹ́ ẹ ń bá wọn kọ àdéhùn, ẹ̀yin la ń bá wí. Kí ló dé tí ìlà mẹ́ta yẹn ò fi sí níbẹ̀?