Ta Ló Fún Ọ Láṣẹ Láti Fi Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Hàn?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wọn, àṣà kan ti wọ àárín wa tí a ń pè ní iṣẹ́ rere. Ẹnì kan á kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, á tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ọ̀rẹ́ á ya àwòrán ojú fóònù náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sikirinṣọ́ọ̀tì, á jù ú sí gúrúùpù, á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àdúà ran arábìnrin yìí lọ́wọ́." Àámíìn á máa rọ̀jò. Mo ní iṣẹ́ rere kọ́. Ìjàǹbá àmánà ni, àdúà tí a fi bò ó kò sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ká ní ìyàwó ilé kan kọ̀wé sí ọ ní aago mọ́kànlá òru pé oyún òun ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, pé ìyá ọkọ òun ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí òun, àti pé ọkọ òun tó ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin kò tíì gbọ́. O gé orúkọ rẹ̀ kúrò lókè àwòrán, o ní o ti bo àṣírí. Kí ló kù? Ìlọrin kù. Oyún méjì kù, ìyá ọkọ kù, bí ó ṣe máa ń kọ̀wé náà kù. Nínú gúrúùpù ọgọ́ta obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ sí asalátù kan náà, ẹni mélòó ni ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ tí kò tíì gbọ́ ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ìyàwó òun ń rojọ́ ìyá òun káàkiri. (Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi gègé aláwọ̀ inú fóònù pa orúkọ rẹ́. Bí àwọ̀ náà kò bá dí dáadáa, ẹni tó bá mú kí àwòrán náà mọ́lẹ̀ sí i lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.)

Ìwọ á sọ pé: "Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ìdáhùn èyí wà nínú hádíìsì tí Jábíírì ọmọ Abdullahi gbà wá, tí Abú Dáwúdà àti Tírímísí kọ sílẹ̀. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá bá ọ sọ̀rọ̀, tó sì yíjú wò yíká, àmánà ni ọ̀rọ̀ náà. Wò ó dáadáa: ẹni náà kò bẹ̀ ọ́, kò mú ọ búra. Yíyíjú lásán ti tó. Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń yíjú lórí fóònù? Obìnrin yẹn wà nínú gúrúùpù kan náà pẹ̀lú rẹ, ó sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó fi gúrúùpù sílẹ̀, ó wá bá ọ níwọ nìkan, láàárín òru. Bí ó bá tún ṣe é kí ọ̀rọ̀ náà máa parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó ti yíjú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àwòrán tí o yà kì í parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, Wọ́sáàpù kì í sì í sọ fún un pé o yà á. Ìwọ nìkan ni ìlẹ̀kùn tó kù.

Àwọn oníwàásù kan máa ń mú hádíìsì wá pé ẹni tó bá wo ìwé arákùnrin rẹ̀ láìgbàṣẹ, iná ló ń wò. Abú Dáwúdà tó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tọ́ka sí i pé ọ̀nà tó gbà dé kò lágbára. A kò nílò rẹ̀. Ti Jábíírì tó wa, ti Ánásì náà sì tó wa. Ọmọdé ni Ánásì nígbà tí Ànábì rán an níṣẹ́, tó sì pẹ́ kó tó padà sílé. Ìyá rẹ̀ bèèrè ibi tó lọ, ó ní àṣírí ni. Ìyá yẹn kò fi dandan lé e, àfi pé ó kìlọ̀ fún un kó má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń sọ fún ọmọ pé "mú fóònù rẹ wá kí n rí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ kọ," ẹ ronú sí i.

Àwíjàre kejì ni pé òótọ́ ni, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ànábì ti ṣàlàyé pé bí ohun tí o sọ bá jẹ́ òótọ́, o ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ irọ́, o ti parọ́ mọ́ ọn. Àwòrán tí o gé láàárín sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí o ti gé ìbéèrè tí ìwọ fi tì í sọ̀rọ̀ kúrò.

Àwọn mìíràn á ní: "Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gba àdúà fún un, ó dákẹ́." Wọ́n á sì rántí pé ìdákẹ́jẹ́ wúńdíá jẹ́ ìyọ̀ǹda nínú yìgì. Wọ́n gbàgbé pé wọ́n ti bi wúńdíá yẹn léèrè nípa ọkùnrin kan tó mọ̀. Ìwọ kò bi í bóyá kí o fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ han ọgọ́ta ènìyàn. Bèèrè báyìí: "Mo fẹ́ fi ìlà méjì nínú ọ̀rọ̀ rẹ han ìyá àáfà nìkan, kí wọ́n lè gbà wá nímọ̀ràn. Èwo ni kí n fi hàn? Ṣé o gbà?" Bí ó bá gbà, ìyá àáfà ló gbà fún, kò gbà fún ọmọ wọn. Bí ó bá kọ̀, ó parí. Bó bá sì jẹ́ àdúà ni o fẹ́, Ọlọ́hun mọ orúkọ rẹ̀ láìwo àwòrán.

N kò sọ pé ká bo ìkà. Híńdù lọ bá Ànábì pé Abú Sùfíyánù ọkọ òun háwọ́, kì í fún òun àti ọmọ òun ní èyí tó tó, Ànábì kò sì bá a wí. Ẹni tó lè dájọ́ ni Híńdù lọ bá, ohun tí ẹjọ́ náà nílò ló sì sọ. Nígbà tí Fátímọ̀ ọmọ Káísì bèèrè nípa ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì sọ àbùkù kan ṣoṣo nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó kan ìgbéyàwó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń fi ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ ọ tàbí ó fẹ́ lù ọ́ ní jìbìtì, ya àwòrán rẹ̀, fi aago àti nọ́ńbà sílẹ̀ níbẹ̀, gbé e lọ fún òbí, ìmáàmù tàbí ọlọ́pàá. Ibi tí wọ́n ti lè gbà ọ́ nìyẹn. Ìtàn ojú Wọ́sáàpù kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má fi ránṣẹ́ síwájú, má sì bèèrè nínú gúrúùpù pé ta ni. Ìbéèrè yẹn ló máa ń tú orúkọ síta. Bá ẹni tó fi í síbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kó yọ ọ́. "Delete for everyone" ṣì ń ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn tí a fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dé inú fóònù ẹni tó ti tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró sórí ìtúúbá láàárín òun àti Ọlọ́hun nìkan. Kó lọ bá obìnrin náà lónìí, kó sọ gúrúùpù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé fún un, kó lè rí àyè bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́.