Ọ̀tá Ojú Aago Ni Iyanrìn

Lórí ìwọ̀n líle Mohs, iyanrìn wà ní 7, gíláàsì míńírà ò ju bíi 6 lọ, sàfáyà wà ní 9. Eruku títì á ha míńírà; kò ní rí sàfáyà gbé ṣe. Àmọ́ bí sàfáyà bá forí sọ kọnkéré, ó lè fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ. Ẹ ó sanwó gíláàsì, ẹ ó tún sanwó títú aago fọ̀. Àkírílíìkì tètè ń ha lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ á pa àpá fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́. Òun ló wà lójú aago Ómẹ́gà tí wọ́n wọ̀ lórí òṣùpá ní 1969, torí kì í fọ́ wẹ́wẹ́. Míńírà ni n kò fẹ́: ó ń ha, kò sì rọrùn láti dán, pípààrọ̀ rẹ̀ kàn dínwó ni.