Ẹ Má Tíì Pa Àkámọ́ Náà Dé: Kí Ni Fọ́múlà Yín Fẹ́ Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kéré lójú, àmọ́ owó ẹgbẹ́ ló dá lé. Ẹ sì mọ̀ pé níbi tí owó ẹgbẹ́ bá wà, ìjà kì í jìnnà síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé owó wa ti kúrò lórí ìwé tí a ń fi rúlà fà. Orí Excel tàbí Google Sheets ni wọ́n ń kọ orúkọ àti owó sí báyìí, àwọn míì tiẹ̀ ń ṣe é lórí fóònù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ibi tó ti ń burú ni ọjọ́ tí fọ́múlà bá kọ̀ tí kò gbà. Akọ̀wé á ṣẹ́ ẹ dà, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kò ṣiṣẹ́." Ó parí síbẹ̀. Kò sọ ohun tó fẹ́ kí fọ́múlà náà ṣe. Ohun tó fi ránṣẹ́ kò ju báyìí lọ:

```
=IF(C2>=10,B2*0.9,B2+500
```

Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé àkámọ́ kan ṣí lẹ́yìn IF, èyí tí a máa ń pè ní bíráàkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, kò sì sí èyí tó pa á dé. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ìyẹn náà nìyẹn? Fi àkámọ́ sí ìparí, ó tán." Ìdáhùn yẹn gan-an ni a ò fara mọ́. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá èèyàn pa àkámọ́ dé kí onítọ̀hún tó sọ ohun tó fẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kọ́lọ́ọ̀mù B ni owó ọdún, ₦12,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ́lọ́ọ̀mù C ni iye ìpàdé tí ẹni náà wá nínú ìpàdé 12 tó wà lọ́dún. Ohun tí fọ́múlà yẹn ń sọ ni pé bí èèyàn bá ti wá ìpàdé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n yọ ìdá 10 nínú 100 kúrò nínú owó rẹ̀, kó san ₦10,800. Bí kò bá tó 10, kó san owó rẹ̀ pé. Títí dé ibẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Àmọ́ ₦500 tó wà níparí ńkọ́? Ta ló ń san án? Ibi tí ẹ bá pa àkámọ́ dé sí ló máa dáhùn, ibi méjì ló sì lè wà:

```
=IF(C2>=10,B2*0.9,B2+500)
=IF(C2>=10,B2*0.9,B2)+500
```

Nínú ti àkọ́kọ́, inú àkámọ́ ni ₦500 wà. Owó ìtanràn ni nígbà náà: àwọn tí kò wá ìpàdé dáadáa nìkan ló máa san án. Nínú ti kejì, ó ti bọ́ síta. Ó ti di owó gbogbo ayé, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ní kí kálukú dá ₦500 láti fi sanwó fún mẹruwà tó ń gbé omi wá síbi ìpàdé. Méjèèjì ló bọ́gbọ́n mu, méjèèjì sì ni kọ̀ǹpútà máa gbà láìjanpata. Kò sí ògbóǹtarìgì tó lè wo ojú fọ́múlà yẹn kó mọ èyí tí ilé ìpàdé fẹnu kò sí.

Ẹ wá wo bó ṣe máa rí nígbà tí ìṣirò bá jáde. Ẹni tó wá ìpàdé 7 máa san ₦12,500 nínú ti àkọ́kọ́, á sì san ₦12,500 náà nínú ti kejì. Iye kan náà ni! Tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ẹ fi dán fọ́múlà wò, ẹ máa rò pé ó ti dáa. Ẹni tó wá ìpàdé 11 ló máa tú àṣírí: ₦10,800 ni nínú ti àkọ́kọ́, ₦11,300 ni nínú ti kejì. Tí ẹgbẹ́ náà bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, tí 31 nínú wọn wá ìpàdé tó 10, ìyàtọ̀ tó máa wà nínú àpapọ̀ owó jẹ́ ₦15,500.

Ìjà wọ̀lú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé owó omi ni ìpàdé fẹ́, tí akọ̀wé sì pa àkámọ́ dé sí ìparí, owó mẹruwà kò ní pé. Akápò ni wọ́n máa bi níbo ló gbé e sí. Tó bá jẹ́ owó ìtanràn ni, tí àkámọ́ sì bọ́ síbi tí kò yẹ, àwọn 31 tó ń wá ìpàdé déédéé ni wọ́n ń gba owó ìjìyà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó jalè nínú gbogbo ẹ̀. Àkámọ́ kan ni.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà kì í tún un ṣe fúnra rẹ̀ ni?" Ó máa ń tún un ṣe, ìyẹn gan-an ló sì ń bà wá lẹ́rù. Google Sheets á kàn fi àkámọ́ tó kù síparí, kò ní bi yín léèrè. Excel náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ó máa gbé àpótí kan jáde tó sọ pé òun rí àṣìṣe, ṣé kí òun tún un ṣe báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa tẹ̀. Púpọ̀ wa ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. Nínú irú fọ́múlà tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí, ìparí ló máa fi àkámọ́ sí. Ohun tó mọ̀ ò ju pé àkámọ́ tó ṣí gbọ́dọ̀ pa dé. Kò mọ ìpàdé, kò mọ mẹruwà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ ohun tí ẹ̀rọ rò. Ẹ wọ inú fọ́múlà náà, kí ẹ gbé atọ́ka sórí 500. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìlà ìrànlọ́wọ́ kan máa ń jáde tó to apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta IF sílẹ̀. Èyí tó bá dúdú kedere ni apá tí ẹ wà. Tó bá jẹ́ value_if_false ló dúdú, ó túmọ̀ sí pé ₦500 ṣì wà nínú àkámọ́, ti àwọn tí kò tó ìpàdé 10 nìkan. Tí IF bá ti pa dé kí ẹ tó dé 500, apá yẹn kò ní dúdú mọ́. Èyí á sọ ohun tí fọ́múlà ń ṣe fún yín. Kò lè sọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ohun míì tún wà tí àkámọ́ tó sọnù lè máa sọ. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ló sọnù. Ẹni tó fi ìka ṣẹ́ ọ̀rọ̀ dà lórí fóònù lè má mú un dé òpin. Bóyá báyìí ni fọ́múlà náà rí nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀:

```
=IF(C2>=10,B2*0.9,B2+500)-D2
```

Bí D bá jẹ́ owó tí èèyàn ti san sílẹ̀, gbèsè tó kù ni fọ́múlà yìí ń wá. Tí ẹ bá kàn fi àkámọ́ síparí èyí tó gé, ẹ ti sọ ẹni tó ti san ₦10,000 di ẹni tí kò san kọ́bọ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2012, báńkì ńlá Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ JPMorgan Chase pàdánù owó tó lé ní bílíọ̀nù 6 dọ́là nínú òwò kan tí ẹ̀ka rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe. Ohun púpọ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tí báńkì náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2013, wọ́n sọ pé nínú Excel tí wọ́n fi ń díwọ̀n ewu, wọ́n yọ iye àtijọ́ kúrò nínú iye tuntun, wọ́n wá fi àpapọ̀ méjèèjì pín in, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì àpapọ̀ náà ni ẹni tó ṣe é ní lọ́kàn. Bí a bá kọ ọ́ ní kúkúrú, ìyàtọ̀ rẹ̀ rí báyìí:

```
=(B2-A2)/(B2+A2)
=(B2-A2)/((B2+A2)/2)
```

Tí iye àtijọ́ bá jẹ́ 4, tí tuntun jẹ́ 6, ti òkè máa mú 0.2 jáde, ti ìsàlẹ̀ á mú 0.4. Ewu ti di ìdajì lójú ìwé. Ẹ wá ka àkámọ́ méjèèjì: gbogbo rẹ̀ ló pa dé, kò sí èyí tí ẹ̀rọ máa bá jà. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìkan ló lè rí i pé ti òkè kò tọ́.

Torí náà, ẹ̀yin akọ̀wé wa, ohun mẹ́ta péré la ń bẹ̀ yín kí ẹ máa kọ mọ́ fọ́múlà kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Èkíní, òfin tí ìpàdé fẹnu kò sí, ní Yorùbá gidi: "Ẹni tó bá wá ìpàdé 10 máa rí ìdá 10 yọ. Ẹni tí kò bá tó 10 máa san ìtanràn ₦500." Èkejì, ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, orúkọ méjì tí ẹ ti fọwọ́ ṣírò owó wọn, ọ̀kan tó ju 10 lọ àti ọ̀kan tí kò tó o. Ẹ ti rí i pé orúkọ kan ṣoṣo lè tanni jẹ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí náà, ẹ má fi ìkánjú ṣe ojú rere. Bí wọn ò bá kọ ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ bi wọ́n pé, "Àbúrò, ta ló ń san ₦500 yìí?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn wúlò ju àkámọ́ mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn tó bá dáhùn, kó kọ ìdáhùn náà sójú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì ẹgbẹ́, torí pé akọ̀wé tuntun tó máa gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbi tí ẹ ti jọ sọ̀rọ̀. Fọ́múlà ló máa jogún, kò sì ní mọ ìdí tí ₦500 fi wà níbẹ̀.

Èrò tiwa nìyẹn o. Ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé tó wà nílé, ẹ bá wa dá sí i. Ta ló ń san ₦500 nínú ìwé tiyín?