Ìkìlọ̀ Kì í Ṣe Àgádágodo

Irọ́ kan wà tí wọ́n ń tà fún àwọn òǹkọ̀wé wa, owó gidi ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìwé rẹ̀ lórí fóònù, tó sọ ọ́ di fáìlì PDF, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń báni ṣètò ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà: “Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó tì í pa fún yín. Kò sẹ́ni tí yóò lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò sẹ́ni tí yóò lè da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ.” Irọ́ ni mo pè é. N kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ kí n má fi ẹ̀rí lélẹ̀.

Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ó kọ ìwé àlàyé òwe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sanwó kí wọ́n bá a ti fáìlì náà pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kò pẹ́ rárá tí ó fi rí ìwé ara rẹ̀ lórí bébà, níwájú ẹnìkan tó ń tà á létí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó pè mí. Ó ní, “Akọ̀ròyìn, ọmọ mi, ta ló já àgádágodo mi?” Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí àgádágodo níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ohun tí mo ṣàlàyé fún bàbá nìyí. Pásíwọ́ọ̀dù méjì ló wà nínú ètò PDF, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Èkíní ni pásíwọ́ọ̀dù ìṣílẹ̀kùn: ẹni tí kò bá ní in kò lè ṣí ìwé náà rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti dàrú mọ́ra bí àrokò tí kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pásíwọ́ọ̀dù onílé: òun ni a fi ń pàṣẹ pé kí wọ́n má tẹ ìwé náà, kí wọ́n má dà á kọ, kí wọ́n má sì yí i padà. Ẹni tó ń ta ìwé kò fẹ́ kí oníbàárà máa wá pásíwọ́ọ̀dù kiri kó tó kàwé, nítorí náà èkejì nìkan ni wọ́n máa ń fi sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí èkejì bá wà tí èkíní kò sí, ẹ̀rọ yóò da ọ̀rọ̀ inú ìwé rú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfìfo ni yóò fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù ìṣílẹ̀kùn. Gbogbo ètò tó ń ka PDF ló mọ̀ pé kí òun kọ́kọ́ fi òfìfo yẹn gbìyànjú, ilẹ̀kùn a sì ṣí. Ó dà bí ilé tí wọ́n tì, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lójú ihò rẹ̀, tí wọ́n wá lẹ bébà mọ́ ara ilẹ̀kùn pé: “Ẹ má gbé àga jáde.”

Bébà yẹn ni gbogbo ìdènà tí bàbá sanwó fún. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló dúró fún un nínú fáìlì náà. Ètò tó ń ka ìwé yóò wò ó, yóò sì pinnu bóyá òun yóò gbọ́ràn tàbí òun kò ní í gbọ́. Ìlànà PDF fúnra rẹ̀, èyí tí ó di ìlànà àgbáyé ISO 32000 ní ọdún 2008, sọ ọ́ láìfi bò pé bí ìwé bá ti ṣí tán, ọwọ́ àwọn tó ṣe ètò ìkàwé ló kù sí láti bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ olówó ìwé. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀, ó ṣeun. Ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Èmi àti bàbá jókòó ti kọ̀ǹpútà, a sì yẹ fáìlì tirẹ̀ wò pẹ̀lú ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní qpdf:

```
qpdf --show-encryption iwe.pdf
```

Nínú ohun tó jáde, ìlà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì:

```
User password =
extract for any purpose: not allowed
print high resolution: not allowed
```

Ìlà kejì àti ìkẹta ni ìkìlọ̀: ẹ má dà á kọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìlà kìíní ni kọ́kọ́rọ́ tó wà lójú ihò: kò sí ohunkóhun lẹ́yìn àmì náà. Lẹ́yìn èyí, a tẹ àṣẹ kan ṣoṣo:

```
qpdf --decrypt iwe.pdf iwe2.pdf
```

Kí bàbá tó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ẹ̀dà mìíràn ti wà nílẹ̀ tí kò ní ìdènà kankan. A kò jí pásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni, a kò sì méfò. Bàbá dákẹ́ títí, ó wá ní, “Owó mi dà?”

Àwọn kan yóò ní kí a fi pásíwọ́ọ̀dù ìṣílẹ̀kùn sí i nígbà náà. Èyí jẹ́ àgádágodo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ń dènà. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ló ń dènà. Oníbàárà tó ra ìwé ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó sì lè fi òun àti ìwé ránṣẹ́ sórí Wasáàpù pọ̀. Bí kò bá tilẹ̀ fi ránṣẹ́, yóò ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú bá ti lè kà, ọwọ́ yóò dà á kọ. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìbí ni a fi ṣe kọ́kọ́rọ́, bí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti máa ń ṣe sí ìwé owó oṣù, gbogbo ọjọ́ tó wà nínú 80 ọdún kò tó 30,000. Kọ̀ǹpútà yóò gbìyànjú gbogbo wọn tán láìpẹ́.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé àwọn aláìṣẹ̀ ni ìkìlọ̀ yìí ń mú. Olè ní qpdf, kò bìkítà. Afọ́jú tó ń lo ètò tí ń ka ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ sókè ni ó ń pa lára. Nínú ìdènà PDF ti àtijọ́ jù, kò sí àyè ọ̀tọ̀ fún un. Bí a bá ti ní kí wọ́n má dà á kọ, a ti pa ìwé mọ́ òun náà lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó rẹ̀, tó kàn fẹ́ tẹ ojú ewé 5 sórí bébà nítorí pé iná kì í sí ní àdúgbò rẹ̀, òun náà ló ń jìyà.

Ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan sí àyè rẹ̀. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù ìṣílẹ̀kùn tó gùn sí ìwé àṣírí tó ń lọ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹnìkejì, kí ẹ sì fi pásíwọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ní ti ìwé títà, ẹ kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ojú ewé ẹ̀dà tirẹ̀. A lè pa ìyẹn náà rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ojú yóò tì láti pín ìwé tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Kí ẹ sì rántí pé òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà kò béèrè bóyá ẹ ti ìwé yín pa kó tó dúró tì yín.

Ẹ̀yin tó ń gba owó “ìtìpa” lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn kí ẹ tó na ọwọ́: “Ìkìlọ̀ ni a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìwé yín, ẹni tó bá fẹ́ lè ya á.” Bí wọ́n bá gbọ́ èyí tán tí wọ́n ṣì sanwó, ó di tiwọn.